Rọ́gbì Ìfọwọ́kàn: Òfin Mẹ́ta fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀

Ìwé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá rọ́gbì ìfọwọ́kàn, àti fún òbí tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá wo ọmọ rẹ̀. Òfin àjọ àgbáyé tó ń bójú tó eré náà la tẹ̀ lé.

1. Ìfọwọ́kàn mẹ́fà

Agbábọ́ọ̀lù 6 ló ń wà lórí pápá fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ikọ̀ tó ni bọ́ọ̀lù ń gbé e sáré lọ sí ìlà tó wà ní ìparí pápá alátakò. Ìlà ayò là ń pe ìyẹn nínú ìwé yìí. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lórí rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ti gba ayò 1.

Kò sí gbígbé ara ẹni ṣánlẹ̀. Bí ọwọ́ alátakò bá ti ba ara, aṣọ tàbí irun ẹni tó mú bọ́ọ̀lù, tàbí bọ́ọ̀lù ọwọ́ rẹ̀, ìfọwọ́kàn 1 nìyẹn. Kí ọwọ́ náà fúyẹ́. Títi ènìyàn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn yóò dúró, yóò padà síbi tí ọwọ́ ti bà á gan-an, yóò kọjú sí ìlà ayò alátakò, yóò gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sì ré e kọjá. Ọ̀kan nínú ikọ̀ rẹ̀ ló máa gbé e nílẹ̀. Kí agbébọ́ọ̀lù yìí tètè jù ú sí ẹlòmíì, nítorí kò lè gba ayò fúnra rẹ̀, bí ọwọ́ bá sì bà á pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù di ti alátakò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bí ìfọwọ́kàn bá pé 6, tàbí bí bọ́ọ̀lù bá já bọ́ sílẹ̀, ikọ̀ kejì ló ni ín, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ kíkà tuntun.

2. Sẹ́yìn ni bọ́ọ̀lù ń lọ

Sísáré nìkan ló ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú. Bí a bá fọwọ́ jù ú, ó gbọ́dọ̀ lọ sẹ́yìn, tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ gan-an. Ìdí nìyí tí àwọn yòókù fi gbọ́dọ̀ máa sáré bọ̀ lẹ́yìn ẹni tó mú bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ti ṣáájú rẹ̀ kò lè gbà á. Bí bọ́ọ̀lù bá lọ síwájú, rẹfirí yóò fún alátakò ní pẹ́náritì.

Bákan náà, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ kí alátakò tó fọwọ́ kan ẹni tó ń jù ú. Bí ọwọ́ bá ṣáájú, pẹ́náritì ni.

3. Mítà 7 sẹ́yìn

Lẹ́yìn ìfọwọ́kàn kọ̀ọ̀kan, gbogbo ikọ̀ tó ń dènà, kì í ṣe ẹni tó fọwọ́ kàn nìkan, gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn mítà 7 láti ibi ìfọwọ́kàn. Ẹ wo ibi tí rẹfirí dúró sí: òun ló ń fi mítà 7 náà hàn. Wọn kò gbọ́dọ̀ sún síwájú títí ọwọ́ agbébọ́ọ̀lù yóò fi kan bọ́ọ̀lù. Bí mítà 7 bá kọjá ìlà ayò wọn, orí ìlà náà ni wọn yóò dúró sí. Níbi pẹ́náritì, mítà 10 ni wọn yóò padà.

Ẹni tí kò tíì padà dé ibẹ̀ tó sì fọwọ́ kan alátakò ti ṣẹ̀. A kò ní ka ìfọwọ́kàn náà. Ikọ̀ tó ni bọ́ọ̀lù gba pẹ́náritì, wọ́n sì tún ní ìfọwọ́kàn 6 lọ́tun.

Àpẹẹrẹ kan

Ikọ̀ pupa ń lọ, ikọ̀ búlúù ń dènà. Wọ́n fọwọ́ kan pupa lẹ́ẹ̀kejì ní mítà 24 sí ìlà ayò búlúù. Búlúù gbọ́dọ̀ padà dé mítà 17. Pupa yára gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, agbébọ́ọ̀lù jù ú sẹ́yìn, ẹni tó gbà á sì sáré wọlé nígbà tí búlúù ṣì ń fi ẹ̀yìn rìn. Ìfọwọ́kàn kẹta wáyé ní mítà 16. Bí wọ́n bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹrin lè bọ́ sí mítà 9, ẹ̀karùn-ún sí mítà 4. Níbẹ̀ búlúù kò ní mítà 7 mọ́. Orí ìlà ni gbogbo wọn tò sí, ààyè àtisáré sì tán. Pupa wá ní ànfààní kan péré kí ìkẹfà tó wáyé, nítorí náà wọn a máa wá àlàfo láàárín ẹni méjì.

Ká ní ẹnì kan nínú búlúù ti dúró sí mítà 20 dípò 17, tó sì fọwọ́ kan pupa, pẹ́náritì ni pupa ì bá gbà, tí wọ́n á sì ní ìfọwọ́kàn 6 lọ́tun.

Ohun tó sábà ń fa pẹ́náritì

- Gbígbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níwájú ibi ìfọwọ́kàn. Ẹ padà síbẹ̀ kí ẹ tó gbé e sílẹ̀.
- Gbígbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan yín.
- Dídúró yẹ ìfọwọ́kàn wò. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kan ẹni náà, ẹ pariwo kí rẹfirí gbọ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn sáré lójú ẹsẹ̀, kí ojú yín máa wo bọ́ọ̀lù.