Kí Lo Fi Fagi Lé E?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń múra ìdíje ìbéèrè tí ìjọ wọn fẹ́ ṣe fún àwọn ọ̀dọ́. Ó jókòó tì mí, ó na ìwé sí mi. Ìbéèrè tó há a lọ́fun nìyí: ọdún wo ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn? A ni 1914, B ni 1936, C ni 1959, D ni 1977.

"Ẹ jẹ́ n ṣáà mú C, Àǹtí. C ló sábà máa ń jẹ́."

C náà ló jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún un. Ẹni tó méfò tó sì bọ́ sí i lónìí, ìméfò yẹn náà ló máa gbé lọ síbi ìdíje. Mo ní kó fi C sílẹ̀ ná, kó sọ èyí tí kò lè jẹ́ ìdáhùn fún mi.

1914 kò pẹ́ rárá. Ọdún tí Lugard da Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ni, kò sì tíì sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kankan lágbàáyé nígbà náà. Ti 1936 mú un dúró díẹ̀. Kò mọ̀ pé ọdún yẹn gan-an ni BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ètò tẹlifíṣàn jáde déédéé ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìjọba Awólọ́wọ̀ ló dá WNTV sílẹ̀. Mo bi í pé ọdún wo ni wọ́n bí Bàbá. Ó ní 1909. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wo ló wà nípò olórí ìjọba nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso? Ó fagi lé B.

1977 ni pàkúté gidi, nítorí ọdún yẹn ni òfin tó dá NTA sílẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ fìrí rí lè sáré mú un. Ọ̀nà àbáyọ wà nínú ìbéèrè fúnra rẹ̀: W tó ṣáájú WNTV, Ìwọ̀ Oòrùn ló dúró fún. Gowon ti fọ́ àwọn ẹkùn sí ìpínlẹ̀ ní 1967, nígbà tó sì di 1976, wọ́n ti pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn pàápàá sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ta ló máa wá fi orúkọ yẹn ṣí iléeṣẹ́ tuntun ní 1977? 1959 ló kù. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n ṣí i.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà lèèyàn máa rí mẹ́ta fagi lé. Ká ní ogún ìbéèrè wà tí o kò mọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn mẹ́rin. Bí o bá dijú mú, márùn-ún lo lè retí. Bí o bá yọ ìdáhùn kan kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di bíi méje. Yọ méjì, ó di mẹ́wàá. Ẹ ò rí i pé ìkejì lérè ju àkọ́kọ́ lọ! Èyí àkọ́kọ́ sì máa ń rọrùn. Èmi náà ti ṣètò ìbéèrè rí: ìdáhùn òdì méjì kì í ṣòro ronú kàn, ẹ̀kẹta ló máa ń sú mi, ni mo bá fi ohun tó bá ti wá sí mi lọ́kàn dí àyè. Níbi tí wọ́n bá ti ń yọ máàkì fún àṣìṣe, mi ò ní méfò àyàfi tí mo bá ti rí ó kéré tán ọ̀kan fagi lé.

Ewu ibẹ̀ ni pé ohun tó ṣàjèjì sí ọ lè jọ ohun tí kò ṣeé ṣe. Mo wá fi òfin kan lélẹ̀ fún ọmọ yìí: ìdáhùn tó bá fagi lé, kó kọ "nítorí pé" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì parí gbólóhùn náà. Mo fún un ní òmíràn: ibo ni abúlé Ọ̀yọ́túnjí wà? A, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, B, Benin, C, Kúbà, D, South Carolina ní Amẹ́ríkà.

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fagi lé D kíá, ó mú A. D sì ni. Ọba Adéfúnmi, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Detroit, ló tẹ abúlé náà dó ní 1970, wọ́n sì ń bọ òrìṣà níbẹ̀ dòní. Mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ kí n wo ohun tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ D. "Nítorí pé ó jìnnà" ló wà níbẹ̀.