Ta Ni Ẹgbẹ́ Kò Ní Yá Lówó? Bí A Ṣe Ń Sọ Gbólóhùn Alákànpọ̀ Di Kúkúrú

Lónìí, mo fẹ́ ká gbé òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan yẹ̀ wò. Kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kan pàtó. Èmi ni mo ṣe é fún àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ní ìpàdé ẹgbẹ́ rí á mọ irú rẹ̀. Òfin náà lọ báyìí:

"Ẹgbẹ́ yóò yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó bí ó bá ní onídùúró, tí ó sì ti dáwó fún oṣù mẹ́fà; tàbí bí ó bá ní onídùúró, tí kò sì tíì dáwó fún oṣù mẹ́fà; tàbí bí kò bá ní onídùúró, ṣùgbọ́n tí ó ti dáwó fún oṣù mẹ́fà."

Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ wo òfin yìí, ó ní ó ti gùn jù, ó sì lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ògiri: "A kò ní yá ẹni tí kò ní onídùúró tàbí tí kò tíì dáwó fún oṣù mẹ́fà lówó." Obìnrin aláta kan tó ti dáwó fún oṣù mẹ́jọ, ṣùgbọ́n tí kò rí ẹni dúró fún un, ka ìwé ara ògiri, ó sì yí padà sílé. Ṣé òfin ló lé e lọ, àbí ìwé ara ògiri? Ìbéèrè yìí ní ìdáhùn kan ṣoṣo, a sì lè rí i láìjiyàn.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti ya àwọn gbólóhùn kéékèèké tó wà nínú òfin náà sọ́tọ̀. Méjì péré ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi p dúró fún "ó ní onídùúró", ká sì fi q dúró fún "ó ti dáwó fún oṣù mẹ́fà". Àmì ¬ dúró fún ìyísódì, ìyẹn "kò". Àmì ∧ dúró fún àkànpọ̀ tí gbólóhùn méjèèjì ti gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́. Àmì ∨ dúró fún "tàbí", níbi tí ọ̀kan bá ti tó, bí méjèèjì bá sì jẹ́ òtítọ́, kò sí ìjà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi ka gírámà á rántí pé èdè Yorùbá kì í fi "àti" so gbólóhùn pọ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni "àti" ń so: "Adé àti Bọ́lá". Tó bá di ti gbólóhùn, "sì" la ń lò: "Adé wá, Bọ́lá sì lọ". Nítorí náà, "sì" ni ẹ máa wá bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ∧ wà nínú òfin Yorùbá. "Ṣùgbọ́n" náà, ∧ ni. Ó ń fi hàn pé ohun tó ń bọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí a retí, ṣùgbọ́n ní ti òtítọ́ àti irọ́, iṣẹ́ kan náà ni òun àti "sì" ń ṣe. Òfin wa wá di:

(p ∧ q) ∨ (p ∧ ¬q) ∨ (¬p ∧ q)

Ọ̀nà méjì la lè gbà yẹ ẹ́ wò. Ọ̀nà kìíní ni àtẹ òtítọ́, èyí tí Emil Post àti Ludwig Wittgenstein, kálukú lọ́tọ̀, lò nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. A ó to gbogbo bí nǹkan ṣe lè rí sílẹ̀, a ó wá wo èsì òfin lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí gbólóhùn kéékèèké bá jẹ́ méjì, ìlà mẹ́rin ni àtẹ yóò ní. Ò dúró fún òtítọ́, I fún irọ́.

| Ìlà | p | q | òfin | p ∨ q |
|---|---|---|---|---|
| 1 | Ò | Ò | Ò | Ò |
| 2 | Ò | I | Ò | Ò |
| 3 | I | Ò | Ò | Ò |
| 4 | I | I | I | I |

Ẹ wo òpó òfin. Apá kìíní òfin ló sọ ìlà 1 di òtítọ́, apá kejì ló sọ ìlà 2 di òtítọ́, apá kẹta ló sọ ìlà 3 di òtítọ́. Ìlà 4 nìkan ni kò rí ẹni gbà á. Ẹ wá wo òpó tó kẹ́yìn: bákan náà ni wọ́n rí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tí à ń pè ní ìdọ́gba ní òtítọ́ nìyẹn. Gbogbo òfin gígùn yẹn kò sọ ju èyí lọ: "Ẹgbẹ́ yóò yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó bí ó bá ní onídùúró tàbí bí ó bá ti dáwó fún oṣù mẹ́fà."

Ṣùgbọ́n ẹnì kan á bèèrè pé: níbo ni mo ti rí p ∨ q tí mo fi sínú àtẹ? Ìbéèrè gidi ni. Bí ẹ bá fún àtẹ ní gbólóhùn méjì, ó lè sọ bóyá wọ́n dọ́gba. Kì í fi ọ̀nà tí a gbà kúrò ní ọ̀kan dé ìkejì hàn yín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìlà rẹ̀ ń di ìlọ́po méjì bí a bá ti fi gbólóhùn kékeré kan kún un: mẹ́ta á fún wa ní ìlà 8, márùn-ún á fún wa ní ìlà 32. Ìdí nìyí tí a fi nílò ọ̀nà kejì, ìyẹn àwọn òfin ìdọ́gba.

Ẹ wo apá méjì àkọ́kọ́: (p ∧ q) ∨ (p ∧ ¬q). p wà nínú méjèèjì. Òfin pínpín gbà wá láyè láti fà á síta, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe nínú ìṣirò tí 3×4 + 3×5 fi di 3×(4+5):

p ∧ (q ∨ ¬q)

Inú àkámọ́ yẹn ń sọ pé ènìyàn ti dáwó fún oṣù mẹ́fà tàbí kò tíì dá a. Ta ni ìyẹn yọ sílẹ̀? Kò yọ ẹnikẹ́ni. Òtítọ́ ni nígbà gbogbo, nítorí náà a lè fi Ò rọ́pò rẹ̀: p ∧ Ò. Ohun tí a bá sì so mọ́ òtítọ́ àìyẹ̀ pẹ̀lú ∧ kò yí padà. Ó ku p nìkan. Ní èdè ojoojúmọ́: bí o bá ní onídùúró, ẹgbẹ́ ò bi ọ́ ní iye oṣù tí o ti dáwó.

Ohun tó kù lọ́wọ́ wa báyìí ni p ∨ (¬p ∧ q). Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣubú. Wọ́n rántí òfin ìgbémì, tó sọ pé p ∨ (p ∧ q) dọ́gba pẹ̀lú p, wọ́n á sì kọ p sílẹ̀ wéré. Wọn ò rí ¬ kékeré tó wà níwájú p kejì. Ẹ padà sí ìlà 3 nínú àtẹ: p jẹ́ irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin jẹ́ òtítọ́. Ìlà kan ṣoṣo tí gbólóhùn méjì bá ti yapa ti tó láti fi hàn pé wọn kò dọ́gba. Aláta wa gan-an ló wà lórí ìlà yẹn.

Bó ṣe yẹ ká ṣe é ni pé ká tún lo òfin pínpín, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ∨ là ń pín:

(p ∨ ¬p) ∧ (p ∨ q)

Àkámọ́ kìíní tún jẹ́ òtítọ́ nígbà gbogbo, ó sì di Ò ∧ (p ∨ q). Ohun tó kù ni p ∨ q, èyí tí àtẹ ti jẹ́rìí sí.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ara ògiri. Akọ̀wé kò kọ ẹni tí ẹgbẹ́ ń yá lówó. Ẹni tí ẹgbẹ́ kò ní yá ló kọ. Ìyẹn ni pé ó yẹ kí ó kọ ìyísódì gbogbo òfin náà, ¬(p ∨ q). Òfin tó ń bójú tó èyí ni a fi orúkọ Augustus De Morgan pè, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ayé láti 1806 sí 1871. Ó sọ pé bí "kò" bá wọ inú àkámọ́, ó gbọ́dọ̀ mú ẹ̀yà méjèèjì, ó sì gbọ́dọ̀ yí ohun tó so wọ́n pọ̀ padà:

¬(p ∨ q) ≡ ¬p ∧ ¬q
¬(p ∧ q) ≡ ¬p ∨ ¬q

Ẹni tí ẹgbẹ́ kò ní yá ni ẹni tí kò ní onídùúró, tí kò sì tíì dáwó fún oṣù mẹ́fà. Ìlà 4 nìkan nìyẹn. Akọ̀wé kọ ¬p ∨ ¬q. Bí ẹ bá wo De Morgan kejì, ẹ ó rí i pé ìyẹn ni ìyísódì p ∧ q, bíi pé òfin ti béèrè fún onídùúró àti oṣù mẹ́fà pa pọ̀. Ìwé ara ògiri lé ìlà 2, 3 àti 4 lọ. Òfin gba ìlà 2 àti ìlà 3 láyè. Nítorí náà, òfin kò lé aláta. "Tàbí" kan ló lé e.

Kí ló fà á tí àṣìṣe yìí fi rọrùn tó bẹ́ẹ̀? Lójú tèmi, ibi tí "kò" wà nínú gbólóhùn ló fà á. Ẹ gbọ́ gbólóhùn méjì yìí: "Kò ra iṣu tàbí ẹ̀wà" àti "Kò ra iṣu tàbí kò ra ẹ̀wà". Nínú ti àkọ́kọ́, "kò" kan ṣoṣo ló wà, ó sì bo iṣu àti ẹ̀wà mọ́lẹ̀; ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbọ́ níbẹ̀ ni pé kò ra ìkankan, ¬(p ∨ q). Nínú ìkejì, "kò" méjì ló wà, "tàbí" sì wà láàárín wọn. Ẹni tó ra iṣu láìra ẹ̀wà bá a mu, ¬p ∨ ¬q. Etí wa máa ń gbọ́ méjèèjì bí ohun kan náà nígbà tí à ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Akọ̀wé ní ìtumọ̀ àkọ́kọ́ lọ́kàn, ọwọ́ rẹ̀ sì kọ ìkejì.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ yí gbólóhùn tó ní "tàbí" sódì, tí ẹ sì fẹ́ kọ "kò" lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi "sì" tàbí "bẹ́ẹ̀ ni" sí àárín: "ẹni tí kò ní onídùúró, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì dáwó fún oṣù mẹ́fà".

Ohun kan ṣẹ́ kù. Ìdọ́gba ní òtítọ́ kò sọ pé òfin gígùn àti kúkúrú jọra ní gbogbo ọ̀nà. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ òfin náà fẹ́ kí ẹni tí kò tíì dáwó pé oṣù mẹ́fà rí i kedere pé òun náà wà níbẹ̀. Àtẹ kò mọ ìyẹn. Ohun tó mọ̀ ni ẹni tó yẹ kó gba owó àti ẹni tí kò yẹ. Bí ẹ bá ti kọ òfin yín ní kúkúrú, ẹ to ìlà mẹ́rin yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lẹ ohunkóhun mọ́ ògiri. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.