Bí Ọkùnrin Gíga Fíofío Ṣe Dé Adó-Èkìtì

Ìtàn tí àwọn ọmọ mi fẹ́ràn jù lálẹ́ kì í ṣe ti Ìjàpá. Ará Ùgáńdà kan, Cornelius Gulere, ló kọ ọ́, Catherine Groenewald sì ya àwòrán sí i. Ọkùnrin kan ló ga tó bẹ́ẹ̀ tí ohunkóhun nínú ilé kò fi bá a mu. Ìtàn náà wà lára ìwé tí African Storybook, iṣẹ́ àjọ Saide ní Gúúsù Áfíríkà, ń gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2014. Àṣẹ tó bá a wá gbà kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀, bó bá ṣáà ti dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Òun ni mo fi mú un wá sí Yorùbá.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, bí ojú ìwé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ fi ń mọ̀ pé ohun kan náà tún dé, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó ń sọ ẹni tó ni nǹkan ló máa ń ṣíwájú. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ́ ni a óò kọ́kọ́ dárúkọ, kí a tó sọ pé tirẹ̀ ni, lẹ́yìn náà ó kan ibùsùn àti kẹ̀kẹ́. Orí gbólóhùn ń yí padà, nítorí náà ìdí rẹ̀ ni mo gbé àwítúnwí sí: “kúrú jù.” Ẹnu ọ̀nà nìkan ni mo sọ pé ó “rẹlẹ̀ jù,” ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ kan náà ló parí rẹ̀, ọmọ sì ń gbà á bí ègbè àlọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹni tó bá rò pé gbólóhùn náà kò gùn tó lè fi “lọ” kún un. Bó bá ti di “kúrú jù lọ,” ọkọ́ náà ti di èyí tó kúrú ju gbogbo ọkọ́ yòókù, ìtàn sì ti dàrú. Bákan náà, “kẹ̀kẹ́ ológeere” ìbá yà á sọ́tọ̀ sí kẹ̀kẹ́ elérò tó ń ná ìgboro Adó, ṣùgbọ́n ó gùn ju ìyókù, ó sì ń da ègbè rú. Àwòrán ti fi hàn àwọn ọmọ, torí náà “kẹ̀kẹ́” tó.

Lẹ́yìn ègbè yẹn ni ìtàn wá yíjú sí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. “Ga jù” kúrú, ó sì ń já lójijì. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti máa ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ọkùnrin náà ń tún gbogbo nǹkan ṣe kó lè bá a mu, ibẹ̀ ni mo sì ti lo “gbọọrọ” fún ibùsùn, “fíofío” fún àga. Bí a bá kàn ń fi “gan-an” sí gbogbo rẹ̀, yóò sú wọn.

Mo máa ń dán an wò láì fi àwòrán hàn: bí wọn kò bá tíì dá sí ègbè nígbà tí a bá fi dé ibùsùn, ọ̀rọ̀ kan ti gùn jù.

Yorùbá ìwé ni mo kọ ọ́. Ìyá mi sì ń kà á ní ẹ̀ka-èdè Èkìtì, ó ń pe ilé ní “ulé.” Iye sílébù kò yí padà, ohùn kò yí padà, nítorí náà n kò fọwọ́ kan ìwé.