Ọkọ́ Lo Pè, Ọkọ́ Lo Máa Gbà

Ọmọ àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń wá ọkọ̀ ìṣeré rẹ̀ nílé wọn ní Pẹ́kámù, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó yíjú sí ìyá wa, ó ní, "Màmá àgbà, ṣé ẹ rí ọkọ́?" Màmá wò ó títí. Ọkọ́ kẹ̀? Oko wo ni wọ́n fẹ́ ro nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí?

Kì í ṣe pé ọmọ náà kò mọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Bó bá sọ pé "Mo rí ọkọ̀," ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀ bó ti yẹ. Ìgbà tó bá ń béèrè nǹkan ni ohùn náà máa ń gòkè. Gẹ̀ẹ́sì ló fa èyí. Ẹni tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sábà máa ń gbé ohùn sókè níparí. Lọ́dọ̀ tiwa, "ṣé" tàbí "ǹjẹ́" ti ṣe iṣẹ́ ìbéèrè tán, ohùn ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn kò gbọdọ̀ yẹsẹ̀. Ìbáwí kò mú ọmọ náà yí padà. Eré káàdì ni àbúrò mi fi mú un.

Ó gé páálí sí mẹ́rìndínlógún, ó ya àwòrán mẹ́rin sí wọn, ẹ̀mẹrin-mẹ́rin: ọkọ tó wọ agbádá, ọkọ́, ọkọ̀, àti ọ̀kọ̀ ọdẹ. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí wọn lára. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, etí nìkan ni wọ́n fi ṣeré. Wọ́n tẹ́ àwòrán mẹ́rin sílẹ̀, ìyá ń kùn ohùn ọ̀rọ̀ lẹ́nu pípadé, ọmọ ń mú àwòrán. Re mí ni ọkọ́, re dò ni ọkọ̀. Ìyẹn kò le. Ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀ ni ọkọ tó jẹ́ re re, àti ọ̀kọ̀ tó jẹ́ dò dò. Bí kò bá sí ohùn mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí ni ọmọ máa fi mọ èyí tó wà nísàlẹ̀? Wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ náà sáàárín "Mú" àti "wá." Mú ọkọ wá, Mú ọ̀kọ̀ wá. Mí re re mí, mí dò dò mí. Bí ohùn òkè ṣe yí i ká báyìí, ìyàtọ̀ wọn hàn kedere.

Lẹ́yìn èyí ni eré ẹnu. Àwọn mẹ́ta jókòó, oníkálukú mú káàdì mẹ́rin, mẹ́rin tó kù wà ní dídojúdé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó àwòrán kan náà mẹ́rin jọ ló jẹ. Ọmọ á béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì pé, "Ṣé o ní ọkọ̀?" bó bá sì jẹ́ Màmá àgbà ni, "Ṣé ẹ ní ọkọ̀?" Òfin kan ṣoṣo ló wà: ohun tí etí bá gbọ́ ni ọwọ́ máa fún un. Bó bá gbé ohùn sókè, ọkọ́ ni Màmá máa nà sí i, láìbínú, láìrẹ́rìn-ín. (Irọ́ ni, Màmá rẹ́rìn-ín.)

Bí àṣìṣe náà kò bá lọ, ẹ ní kí ọmọ kùn ọ̀rọ̀ náà. Bó bá kùn ún dáadáa tó sì ṣì í pè nínú ìbéèrè, etí rẹ̀ kò ní àbùkù, ohùn ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kó sọ "Mo ní ọkọ̀" ná, kó wá fi "Ṣé o ní ọkọ̀?" tẹ̀ lé e láìdúró, kí ohùn ti àkọ́kọ́ fa ti èkejì.

Ìgbà tí ẹnu ti mọ̀ ọ́n ni wọ́n mú pẹ́ńsù. Àmì òkè gbọ́dọ̀ ti apá òsì gun òkè, kí àmì ìsàlẹ̀ ti apá òsì sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń fa àmì òkè láti òkè wá sílẹ̀. Ó jọra lórí ìwé lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ọmọ ń lọ sílẹ̀ nígbà tí ohùn rẹ̀ ń gòkè, ìyẹn á sì dà á láàmú. Ohùn àárín kò ní àmì, nítorí náà wọ́n ní kó fi ìka kan ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó lè mọ̀ pé a kò gbàgbé rẹ̀. Ó tún ní ohun kan tó lè fi yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò: ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá tó fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, tí kì í ṣe àyálò, kì í ní àmì òkè lórí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló dá eré yìí dúró. Wọ́n ṣe káàdì "rà," ọmọ sì mọ̀ ọ́n, ó ń sọ pé "Mo rà á." Ló bá gbọ́ tí Màmá ní "Mo ra ọkọ̀," ló bá ní Màmá ti ṣì í pè. Màmá kò ṣì í. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń bọ́ sí ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. Àbúrò mi ya káàdì "rà" dànù. Méjì ló ṣe dípò rẹ̀: "Mo rà á" lára ọ̀kan, "Mo ra ọkọ̀" lára èkejì.