Ìbuwọ́lùwé Díjítà: Kí Ló Jẹ́rìí Sí, Kí Ni Kò Jẹ́rìí Sí?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, àwọn kan nínú yín ṣì máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sí mi tí wọ́n ti lẹ àwòrán ìbuwọ́lùwé wọn mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ní, "Prọ́f, mo ti fi díjítà sáìn ín o." Rárá o. Àwòrán lásán nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i lè gé e kúrò níbẹ̀, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé mìíràn. Ìbuwọ́lùwé díjítà kì í ṣe àwòrán. Nọ́ńbà ni, inú ìwé náà gan-an la sì ti ṣírò rẹ̀. Bí ìwé bá yàtọ̀, nọ́ńbà náà yóò yàtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan náà ló buwọ́ lu méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà kéékèèké ṣe é. Ká ní Àlàbí kọ̀wé fún Bísí pé òun jẹ ẹ́ ní 40000 náírà. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kọ̀ǹpútà á sọ ìwé náà di nọ́ńbà kúkúrú kan, tí mo máa ń pè ní ìtẹ̀ka ìwé. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, a ó kàn ro nọ́ńbà inú owó náà pọ̀: 4+0+0+0+0, ó jẹ́ 4.

Àlàbí ní kọ́kọ́rọ́ méjì tó jẹ́ ìbejì. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí ni 7, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Kọ́kọ́rọ́ gbangba ni 3. Méjèèjì jọ ń lo 33, gbogbo ayé ló sì lè mọ 3 àti 33. Láti buwọ́ lu ìwé, Àlàbí á to 4 méje, á sọ wọ́n di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, á fi 33 pín in, á sì mú ohun tó ṣẹ́kù:

```
4^7 = 16384
16384 mod 33 = 16
```

16 yìí ni ìbuwọ́lùwé, ó bá ìwé lọ sọ́dọ̀ Bísí. Bísí kò mọ 7, kò sì nílò rẹ̀. 3 ló máa lò:

```
16^3 = 4096
4096 mod 33 = 4
```

Bísí tún ro ìtẹ̀ka ìwé náà fúnra rẹ̀, ó rí 4. Wọ́n bára mu. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan yí 40000 padà sí 90000 ńkọ́? Ìtẹ̀ka ti di 9, bẹ́ẹ̀ 4 ni 16 ṣì ń mú jáde. Àṣírí ti tú nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ìṣirò yé á ní 33 ti kéré jù, pé 3 lọ́nà 11 ni, àti pé ẹni tó bá ti mọ ìyẹn lè wá 7 rí. Òótọ́ ni. Ọ̀nà tí Rivest, Shamir àti Adleman tẹ̀ jáde ní 1978 nìyí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n ń lò dípò 33 lónìí máa ń gùn ju díjítì 600 lọ. Kò tíì sí ẹni tó fi hàn pé òun lè tú irú rẹ̀ palẹ̀.

Ìtẹ̀ka tiwa náà ní àléébù. 13000 náà ń fún wa ní 4, nítorí náà Àlàbí lè jiyàn pé 13000 lòun buwọ́ lù. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí: ní 2017, Google àti ilé ìwádìí CWI ní ilẹ̀ Nẹ́tálándì gbé fáìlì PDF méjì tó yàtọ̀ síra jáde, tí ìtẹ̀ka SHA-1 wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Ìbuwọ́lùwé tó bá dúró lórí ìtẹ̀ka SHA-1 ti ọ̀kan á bá èkejì mu. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo SHA-256 báyìí.

Ohun méjì péré wá ni ìbuwọ́lùwé náà jẹ́rìí sí: pé ìwé náà kò yí padà látìgbà tí a ti buwọ́ lù ú, àti pé kọ́kọ́rọ́ àṣírí tó jẹ́ ìbejì kọ́kọ́rọ́ gbangba yìí la fi ṣe é. Kò sọ pé Àlàbí ló ni kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹnìkẹta tí a gbẹ́kẹ̀ lé ló gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé ẹ̀rí tó so orúkọ mọ́ kọ́kọ́rọ́. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi lè sọ fún yín pé ìwé kò yí padà, síbẹ̀ kó ní òun kò mọ ẹni tó buwọ́ lù ú. Ìdáhùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ máa ka méjèèjì. Bí olè bá jí kọ́kọ́rọ́ àṣírí, ìbuwọ́lùwé olè náà á bára mu wẹ́kú. Bí irọ́ ló wà nínú ìwé, irọ́ tí a buwọ́ lù ni. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ náà, aago kọ̀ǹpútà ẹni tó buwọ́ lù ú ló sábà máa ń ti wá, a sì lè yí aago sẹ́yìn, àfi bí ẹlòmíràn tí a gbẹ́kẹ̀ lé bá fi òǹtẹ̀ àkókò sí i.

Ohun kan ṣẹ́kù. Bí ẹ bá tẹ ìwé náà sórí bébà, kò sí nọ́ńbà mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Fáìlì gan-an ni kí ẹ tọ́jú.