Fódà ìbéèrè àtijọ́ tí kíláàsì wa fẹ́ ṣí: kí ni oníkálukú yóò mú wá?

Ọ̀rọ̀ ohùn mẹ́ta láti Kánò, láti ẹnu aṣojú kíláàsì ìparí ọ̀sẹ̀. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn àti àwọn tó wà lójú ọ̀nà.

Ohùn kìíní

Èmi tí mo ń ta bàtà ọmọdé ní Sábọ̀n Gàrí ni mò ń sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé àwa kan nínú ẹgbẹ́ yìí la jọ ń lọ sí kíláàsì Sátidé àti Sọ́ńdè, tí a ń kọ́ ìṣirò owó, èmi ni wọ́n sì fi ṣe aṣojú. Ní Ọjọ́bọ̀ mo fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí kíláàsì. Láti ìgbà yẹn fóònù mi ò sinmi. Àwọn kan ní mo fẹ́ fi ìwé oníwèé ṣe sàráà, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà ò yé wọn. Àwọn ará wa ní Kàdúná náà ní kí n ṣàlàyé, kí àwọn lè ṣe irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kà á bí mo ṣe fi ránṣẹ́.

«Ẹ̀yin ará kíláàsì, mo dá a lábàá pé kí a ní fódà kan ṣoṣo lórí Google Drive, kí gbogbo ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ wa wà níbẹ̀. Gbogbo àwa 46 ni yóò lè kà á láti ọjọ́ kìíní, kò sí owó. Kí oníkálukú ṣe iṣẹ́ méjì fún fódà náà ní sẹ̀mẹ́sítà yìí. Kíkó ìwé wá jẹ́ iṣẹ́ kan. Yíyà á kó mọ́lẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ kan. Dídáhùn ìbéèrè inú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ kan. Yíyẹ ìdáhùn ẹlòmíràn wò jẹ́ iṣẹ́ kan. Ìwé ìdánwò tí a kò tíì ṣe kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá ní àtakò, kó sọ ọ́ kó tó di Sátidé.»

Ọ̀rọ̀ náà kò jù báyẹn lọ. Ohun tó sì mú mi kọ ọ́ kò ṣàjèjì sí àwọn tí a jọ wà níbẹ̀. Ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, ẹni tó bá ní àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó ti ṣe ilé ìwé náà jáde ló ní ìwé. Ẹnì kan láàárín wa ń ta fọtokọ́pì rẹ̀ ní ₦500 ẹyọ kan. Ìyá kan tó ń ta ata gígún ra mẹ́fà. Nígbà tó délé tó tú u wò, mẹ́ta nínú rẹ̀ ìwé kan náà ni, ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n yí padà. Kọ́ọ̀sì méjì ló fìdí rẹmi, ó di kàríófà. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mọ ohun tí kàríófà túmọ̀ sí fún irú wa: owó kọ́ọ̀sì náà lẹ́ẹ̀kejì, àti àwọn Sátidé míì tí a ó fi ti ṣọ́ọ̀bù, Sátidé tí ọjà ń tà jù lọ.

Ohùn kejì

Ó dáa. Àtakò tó le jù wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ta táyà àlòkù. Ìwé mọ́kànlá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì jọ ara wọn. Ó ní, «Àbúrò, ẹni tí kò bá dá owó àjọ kì í kó àjọ. Ẹni tí kò bá mú ìwé wá, kó má ṣílẹ̀kùn.» Ọ̀rọ̀ gidi ni, ẹ má jẹ́ ká fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Mo jókòó, mo fi kálukulétọ̀ ṣe é.

Kọ́ọ̀sì mẹ́fà là ń ṣe ní sẹ̀mẹ́sítà yìí. Ká ní a fẹ́ ìwé ọdún mẹ́rin sẹ́yìn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 24. Gbogbo ìwé tó wà láyé fún sẹ̀mẹ́sítà yìí nìyẹn. Àwa sì jẹ́ 46. Bí òfin bá ní kí oníkálukú mú ìwé kan wá, àwọn 22 ò ní rí nǹkan kan mú wá, bó ti wù kí wọ́n fẹ́ tó. Kí ni wọ́n máa ṣe? Wọ́n á mú ìwé tó ti wà níbẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kejì, tàbí fọ́tò tí kò ṣeé kà, kí wọ́n ṣáà lè wọlé. Fódà á kún, kò sì ní wúlò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ta ìwé kan náà fún ìyá aláta lẹ́ẹ̀mẹta.

Ibi tí àjọ ti yàtọ̀ nìyí. Owó àjọ, tí ẹnì kan bá kó o, ó tán lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìwé ò rí bẹ́ẹ̀, bí mo bá kà á, tìrẹ ṣì wà. Ohun tí kò tó nínú fódà ni iṣẹ́: ta ni yóò jókòó yà á, ta ni yóò dáhùn rẹ̀, ta ni yóò sọ pé ìdáhùn yìí tọ̀nà. Lójú tèmi, ó jọ gbálẹ̀gbálẹ̀ tí a ń ṣe lọ́jà ju àjọ lọ. Ẹni tí kò ní ìgbálẹ̀ á kó ìdọ̀tí, ẹni tí kò lè kó ìdọ̀tí á bu omi.

Nítorí náà ni mo ṣe ka iṣẹ́ dípò ìwé. Ìwé 24, iṣẹ́ mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 96. Bí àwa 46 bá ṣe méjì méjì, ó di 92. Mẹ́rin tó kù, èmi àti àwọn méjì tí wọ́n máa bá mi tọ́jú fódà á gbé e. Ẹ̀gbọ́n wa onítáyà ti ṣe ju ti ẹ̀ lọ tó bá kó mọ́kànlá yẹn wá. Kò ní yà, kò ní dáhùn, tí kò bá wù ú. Orúkọ rẹ̀ á wà lókè nínú ìwé àkọsílẹ̀ tó wà nínú fódà, níbi tí gbogbo wa á ti máa rí ẹni tó ṣe kí ni. Ìyá aláta tí kò ní ìwé tó yàtọ̀, ọmọ rẹ̀ ní fóònù tó ń ya fọ́tò dáadáa, á ya méjì, ó parí.

Ẹni tí kò bá ṣe nǹkan kan ńkọ́? A ó pè é, a ó fún un ní iṣẹ́ kan tó rọrùn. Tó bá kọ̀, orúkọ rẹ̀ ò ní sí nínú àkọsílẹ̀, ibẹ̀ náà ni agbára mi mọ. N kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ká má tan ara wa, líǹkì tí ẹnì kan bá ní, ìṣẹ́jú kan ló fi máa ta á sí ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ kẹrin, ìyẹn yíyẹ ìdáhùn wò, òun làwọn èèyàn fẹ́ kí n yọ kúrò. N kò ní yọ ọ́, ẹ gbọ́ ìdí. Ìwé ọdún 2018 kan wà tó béèrè VAT lórí ọjà ₦200,000. Ìbéèrè náà ò sọ iye tí ìjọba ń gbà, wọ́n rò pé ó yẹ ká mọ̀. Ìdáhùn tó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ₦10,000, torí pé ₦5 lórí ₦100 ni VAT nígbà náà. Ṣùgbọ́n láti oṣù kejì ọdún 2020 ó ti di ₦7.50 lórí ₦100, nítorí náà ₦15,000 ni ìdáhùn òní. Àwọn tó há ₦10,000 sórí kọ ọ́ sínú tẹ́ẹ̀sì wa, wọ́n sì gba òdo. Ìdáhùn yẹn tọ̀nà lọ́dún 2018. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ló yẹ kó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ó ti yí padà. Kí ẹni tó dáhùn má ṣe yẹ ti ara rẹ̀ wò o, ojú rẹ̀ á fo àṣìṣe náà.

Ohùn kẹta

Ẹ má bínú, iná lọ, mo ní láti tan jẹnẹrétọ̀. Ó ku bí a ó ṣe ṣe é lórí fóònù.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ fódà fi ń tú ká ni pé wọ́n fún gbogbo èèyàn láṣẹ láti fi nǹkan sínú rẹ̀. Lórí Google Drive, fáìlì tí o fi sínú fódà ẹlòmíràn, tìẹ ló ṣì jẹ́. Ààyè tó gbà, inú 15 GB tìẹ ni wọ́n ti yọ ọ́. Lọ́jọ́ tí fóònù rẹ bá ń ké pé ààyè ti tán, tí o wá pa fáìlì náà rẹ́, ó lọ mọ́ gbogbo kíláàsì lọ́wọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré ló máa fi wà nínú Trash kó tó parẹ́ pátápátá. Nítorí náà, ímeèlì kan tí a ṣí fún kíláàsì ló máa ni gbogbo fáìlì. Àwa mẹ́ta la máa mọ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí wa lórí Wasáàpù, àwa la ó gbé e wọlé. Ẹ̀yin yòókù, Viewer ni a ó fún yín: ẹ lè kà á, ẹ lè gbà á sórí fóònù, ẹ ò lè pa á rẹ́. Ẹni tí a bá fi ṣe Editor lè yí orúkọ fáìlì padà, ó sì lè yọ ọ́ kúrò láìmọ̀, ìka kan tó ṣèèṣì ni.

Bí ẹ bá fẹ́ ya ìwé, ẹ má kàn ya fọ́tò. Ẹ ṣí Drive, ẹ tẹ àmì +, ẹ tẹ Scan. Á gé etí ìwé náà, á sì sọ ọ́ di PDF. Ẹ gbé ìwé síwájú fèrèsé ní ọ̀sán, kí òjìji orí yín má bà á. Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, Wasáàpù á fún un kéré, nọ́ńbà kéékèèké inú ìṣirò á sì di ẹyin kòkòrò. Ẹ wò ó: bí ẹ kò bá lè mọ 3 yàtọ̀ sí 8 lójú ìwé náà, ẹ tún un yà.

Orúkọ fáìlì á rí báyìí, kóòdù kọ́ọ̀sì ṣáájú, ọdún tẹ̀lé e:

```
ACC101_2018_sem1_ibeere.pdf
ACC101_2018_sem1_idahun_TIYEWO.pdf
```

Ìdáhùn tí kò ní TIYEWO, kò tíì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má há a sórí.

Kí ẹ tó ya ìwé, ẹ fi bébà bo orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó ni ín. Ẹni tó gba 12 nínú 70 lọ́dún 2021 ò bẹ̀ wá pé ká gbé e káàkiri. Ìbéèrè tí ẹnì kan fi orí rántí, a gbà á, ṣùgbọ́n ká kọ ọ́ sí i pé orí la fi rántí ẹ̀. Ní ti ẹni tó bá sọ pé òun rí ìwé ìdánwò oṣù tó ń bọ̀, kó má fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ́síbò nìyẹn, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ lé gbogbo wa. Mo ti lọ bá olórí ẹ̀ka wa, mo fi ọ̀rọ̀ yìí hàn án. Ó ní òun ò rí ohun tó burú nínú ìbéèrè tí a ti ṣe kọjá, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ tà á.

Ẹ̀yin tí nẹ́tíwọọ̀kì ṣọ́ọ̀bù yín kò dára, ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì nígbà tí ẹ bá wà nílé, ẹ tẹ Make available offline. Ẹ ó lè kà á láìsí dátà.

Títí di àárọ̀ yìí, ìwé 15 ló ti wọlé nínú 24. Ẹ̀gbọ́n onítáyà ti kó mẹ́jọ wá, ó ní òun ń wá mẹ́ta yòókù. Èyí tí a kò rí rárá ni ti ọdún 2021, kọ́ọ̀sì òfin ìṣòwò. Ẹni tó bá mọ ẹnikẹ́ni tó ṣe é lọ́dún yẹn, kó bá wa bi í. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di àkókò ìrun Íṣà.