Èsì tí ẹni tó fẹ́ ra ilé lè fi wádìí

Ẹ jẹ́ ká sọ pé fúláàtì oníyàrá mẹ́ta kan wà fún títà ní Ìkọ̀tá, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ajá, ní àjà kejì, nínú ọgbà tó ní fúláàtì méjìlá. Ìpolówó rẹ̀ jáde láàárọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan ti fi ìbéèrè ránṣẹ́: Ìwé wo ló wà nílẹ̀? Èló ni owó ìtọ́jú ọgbà? Ṣé omi máa ń yalé? Báwo ni àdúgbò ṣe rí? Èsì tí ọ̀pọ̀ onílé àti ajẹ́ntì máa ń kọ ni pé, "Ìwé pé, omi kì í dé ọ̀dọ̀ wa, àdúgbò tutù." Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí ẹni tó fẹ́ rà á lè gbé lọ síbì kankan láti yẹ̀ wò. Èmi gbà pé èsì tó dára ni èyí tí olùrà lè fi wádìí fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ wà níbẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló gba àlàyé jù. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìwé àṣẹ tí gómìnà ń fún èèyàn láti lo ilẹ̀ ni gbogbo wa ń pè ní sí-ọ́fù-ó, ọdún 99 ló sì sábà máa ń jẹ́. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ gbà á ló máa ń wà lórí rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá ta ilẹ̀ náà, wọn kì í ṣe sí-ọ́fù-ó tuntun fún ẹni tó rà á. Díìdì ni lọ́yà yóò kọ, gómìnà yóò sì fọwọ́ sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ fúláàtì ti ń lọ́ pọ̀ nìyí. Ní ti ọgbà tí à ń sọ yìí, ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ọ ló ní sí-ọ́fù-ó lórí gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹni tó ń ta fúláàtì lónìí gba díìdì lọ́wọ́ wọn ní 2017, ṣùgbọ́n kò gbé e lọ fún ìfọwọ́sí gómìnà. Bó bá kọ ọ́ pé "sí-ọ́fù-ó wà", kò parọ́, àmọ́ olùrà yóò rò pé orúkọ ẹni tó ń tà á ló wà lórí ìwé. Abala 22 òfin náà ní ẹnikẹ́ni tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ gómìnà kò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Nítorí náà, olùrà tuntun lè ní láti kọ́kọ́ parí iṣẹ́ ìwé ọdún 2017 kó tó ṣe tirẹ̀, yóò sì nílò ìbuwọ́lù ilé-iṣẹ́ náà. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá ti kógbá sílé, wàhálà ńlá ni. Ẹni tó fẹ́ yá owó báǹkì fi ra ilé gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó ná owó ọkọ̀ wá wò ó.

Ohun tó yẹ kí onílé kọ rèé: "Sí-ọ́fù-ó gbogbo ọgbà wà lórúkọ ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ọ. Díìdì tèmi ti 2017 wà lọ́wọ́ mi, n kò tíì gba ìfọwọ́sí gómìnà lórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà, wọ́n sì ti gbà láti buwọ́ lù ú. Nọ́ńbà ìwé náà, ojú ewé àti ìdìpọ̀ rẹ̀ nìyí, kí lọ́yà yín lè lọ wò ó ní Aláúsá." Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ni wọ́n fi ń wá ìwé ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Ìkẹjà. Ibẹ̀ ni lọ́yà yóò ti rí i bóyá wọ́n ti fi ilẹ̀ náà dúró fún gbèsè báǹkì. Nọ́ńbà tó lọ́yà láti bẹ̀rẹ̀, torí náà kí onílé má ṣe máa fi àwòrán odindi ìwé ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀ rí. Àwọn gbájú-ẹ̀ ń fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ta ilé onílé. Bó bá sì jẹ́ pé ìwé "ń bẹ lọ́nà", kó kọ ọ́ pé kò tíì sí.

Ìbéèrè omi ló tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ Lẹ́kí rẹlẹ̀, òkun wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì. Bí òkun bá kún, omi òjò inú gọ́tà kò ní rí ọ̀nà jáde, yóò dúró títí òkun yóò fi fà. Oṣù kẹfà sí ìkeje ni òjò ń le jù, ó sì tún máa ń padà ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Nítorí náà, "omi kì í wá" kì í ṣe èsì tí ẹnikẹ́ni tó mọ Lẹ́kí yóò gbà gbọ́. Ohun tí olùrà fẹ́ mọ̀ ni ibi tí omi ń dé, iye wákàtí tó ń lò, àti ohun tó ń bà jẹ́.

Ẹni tó wà ní àjà kejì lè sọ pé omi ò wọ yàrá òun rí, òótọ́ ni. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga àti ibi ìgbọ́kọ̀sí wà. Kó kọ ọ́ báyìí: "Ní oṣù keje tó kọjá, omi títì dé orúnkún láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ó wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí, kò dé jẹnẹrétọ̀. Ọkọ̀ kékeré kò lè jáde lọ́jọ́ náà. Kánààlì wà lẹ́yìn ọgbà wa, sọ́fè wà tí ẹ lè fi mọ bó ṣe jìnnà sí ilé." Ọ̀rọ̀ kánààlì yẹn ṣe pàtàkì, torí ìjọba ń wó ilé tó bá gun orí ààyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ojú omi. Bí olùrà bá wá, ara ògiri ni kó máa wò: ìlà omi lábẹ́ ọ̀dà tuntun, bíríkì tí wọ́n to dí ẹnu ilẹ̀kùn, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sórí pèpéle gíga.

Ní Ìṣẹ́rí, lọ́nà ìhà odò Ògùn, ọ̀tọ̀ ni ti wọn. Omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán lè dé nígbà tí oòrùn ń ràn, ó sì lè pẹ́ kó tó lọ. Onílé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ iye ọjọ́, kì í ṣe wákàtí.

Owó ìtọ́jú ọgbà, sáfíìsì ṣáájì, kò le láti dáhùn bí onílé bá ní ìṣirò ọdún tó kọjá lọ́wọ́. Ká ní fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń san ₦600,000 lọ́dún, ₦7,200,000 ló yẹ kó wọlé. Díísù gba ₦3,900,000, àwọn mẹ́gáàdì méjì gba ₦1,800,000, ìyókù lọ sórí omi, ìmọ́tótó àti ìkólẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fúláàtì méjì kò bá san tiwọn, ₦1,200,000 ti dín nìyẹn. Díísù ni yóò kọ́kọ́ tán, iná alẹ́ ni yóò sì dín kù. Fún ìdí yìí, kí èsì sọ iye owó, oṣù tí onílé san tirẹ̀ dé, iye fúláàtì tó jẹ gbèsè, àti bóyá wọ́n ti ń dá owó ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀ tuntun. Olùrà tí kò gbọ́ nípa owó ọ̀tọ̀ yẹn yóò bá a pàdé ní oṣù àkọ́kọ́ tó bá kó wọlé.

Ní ti àdúgbò, kí onílé fi "ó tutù" sílẹ̀, kó kọ ohun tí etí ń gbọ́ àti aago tó ń gbọ́ ọ: ilé ìjọsìn tó ń lo gbohùngbohùn ní òru ọjọ́ Ẹtì, ilé ẹ̀kọ́ tí ọkọ̀ àwọn òbí ń dí ẹnu ọ̀nà láago méje àárọ̀. Kó sọ wákàtí tí iná ń lò lóòótọ́ lóòjọ́, torí pé wọ́n ń san owó Báńdì A, tó yẹ kó jẹ́ wákàtí 20, kò fi hàn pé ó ń pé bẹ́ẹ̀. Kò sì yẹ kó kọ ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn àwọn aládùúgbò sínú èsì. Lẹ́yìn èyí, kó pe olùrà wá lẹ́ẹ̀mejì, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí òjò bá sì rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá, kí wọ́n má yẹ̀ ẹ́.